Lẹ́tà Méjì

Nígbà tí ẹgbẹ́ wa kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ìpakòdò pé kí wọ́n wá ṣe onígbọ̀wọ́ ọdún wa, ohun tí a kọ ni pé èrò yóò pọ̀ bí omi òkun. Wọn kò dáhùn. Ẹ̀bi wa ni.

Ìjẹ̀bú-Òde la ti kọ́gbọ́n. Ní Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, régbérégbé kọ̀ọ̀kan á wọ aṣọ kan náà kọjá níwájú Awùjalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lè kà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Globacom fi ṣe onígbọ̀wọ́ níbẹ̀.

Nínú lẹ́tà kejì, a kọ 400, iye àga tí a yá lọ́dún tó kọjá tó sì kún. Akọ̀wé fẹ́ kọ 1,000, a kọ̀ fún un. Wọ́n ṣáà máa rán èèyàn wá wò ó. A ní orúkọ wọn yóò wà lára àgọ́, wọn yóò sì rí àyè ta ọjà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdajì ohun tí a béèrè ni wọ́n fún wa. Kí ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ tó parí, a ti fi àwòrán àti iye ọjà tí wọ́n tà ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́dún kẹta, àwọn ló kọ́kọ́ kọ̀wé sí wa.