Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Èdè Yorùbá Ṣe Lè Lo Iṣẹ́ Oníṣẹ́ Láì Jalè

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa èdè Yorùbá ní yunifásítì ló gbà pé ọ̀rọ̀ olè ìwé kò kan àwọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kà, èdè Yorùbá sì ni wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n máa fi lé olùkọ́ lọ́wọ́ ní ìparí sáà. Èrò wọn ni pé nígbà tí kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo tó bára mu nínú méjèèjì, ta ni yóò sọ pé àwọn jí nǹkan? Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, nítorí pé títúmọ̀ iṣẹ́ oníṣẹ́ láì dárúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí dídà á kọ. Ẹni tó jí aṣọ tó sì pa á láró, olè aṣọ náà ni.

Ohun mẹ́ta ni ènìyàn lè jí nínú ìwé. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé fi gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀. Èkejì ni èrò náà fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí òun ló kọ́kọ́ rí tàbí tí òun ló jà fún. Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí, ni wàhálà rẹ̀: ọ̀nà tó gbà to àlàyé rẹ̀, àpẹẹrẹ tó kó jọ, ohùn tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà tó sì fi àmì ohùn sí. Ìtumọ̀ sí èdè Yorùbá ń pààrọ̀ ti àkọ́kọ́ nìkan. Méjì tó kù ṣì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà.

Kí a wá mú àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ká ní òǹkọ̀wé kan wà tí a ó pè ní Lágbájá, tó kọ ìwé lórí ìjálá ní ọdún 2004. Ní ojú ìwé 57, ó sọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé oníjàálá kì í yin erin lásán. Bó ṣe ń yìn ín náà ló ń bẹ̀ ẹ́, torí ọdẹ mọ̀ pé ẹran tí òun fẹ́ pa lè pa òun. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ka ibẹ̀, ó wá kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé: “Kì í ṣe lásán ni oníjàálá ń yin erin. Ẹ̀bẹ̀ ni ìyìn náà jẹ́, nítorí pé ọdẹ mọ̀ dájú pé ẹranko tí òun ń lépa lè gba ẹ̀mí òun.” Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Olè ni èyí. Bó bá tún fi “(Lágbájá, 2004)” sí ìparí rẹ̀, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́, nítorí pé gbólóhùn Lágbájá ló ṣì ń tọ̀ ní ẹsẹ̀-ń-tẹ̀lé-ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ ló kàn pààrọ̀.

Ọ̀nà méjì ló yẹ. Bó bá jẹ́ pé bí Lágbájá ṣe sọ ọ́ gan-an ló ṣe pàtàkì, kí akẹ́kọ̀ọ́ túmọ̀ rẹ̀ gbólóhùn sí gbólóhùn, kó fi àmì àyọlò sí i níwájú àti lẹ́yìn, kó sì kọ “(Lágbájá, 2004, o.i. 57, ìtumọ̀ jẹ́ tèmi)”. Ìlà tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe àṣejù, nítorí pé bí àṣìṣe bá wà nínú ìtumọ̀, orí akẹ́kọ̀ọ́ ló máa wà, kì í ṣe orí Lágbájá. Bó bá sì jẹ́ èrò náà nìkan ló nílò, kó pa ìwé dé, kó sọ ohun tó yé e ní ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kó ṣí ìwé padà láti rí i pé òun kò sọ ohun tí Lágbájá kò sọ. Irú ohun tí yóò jáde lè rí báyìí: “Lágbájá (2004, o.i. 57) rí ìyìn tí oníjàálá ń fún erin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bẹ̀. Èyí bá ìjálá erin mu, ṣùgbọ́n kò ṣàlàyé ìdí tí oníjàálá fi ń kọrin kí àwọn ẹranko kéékèèké tí kò lè ṣe ọdẹ ní ohunkóhun.” Ẹni tó bá ka èyí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Lágbájá parí sí àti ibi tí ti akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ààlà yìí ni olùkọ́ ń wá, torí pé lẹ́yìn ààlà náà ló ti máa rí ohun tí yóò fún ní máàkì.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti èdè Yorùbá ní pàtàkì. Àwọn ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí àkọtọ́ tuntun tó dé ní ọdún 1974 kún fún “aiye”, “enia”, “yio” àti “on”, èyí tí a ń kọ lónìí sí “ayé”, “ènìyàn”, “yóò” àti “òun”. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ yọ nínú àtẹ̀jáde àtijọ́ ti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní ọdún 1938, ṣé kó fi àkọtọ́ àtijọ́ sílẹ̀ ni àbí kó tún un ṣe? Àyọlò gbọ́dọ̀ bá ohun tó wà nínú ìwé mu, nítorí náà fífi í sílẹ̀ bó ṣe wà ló dára jù. Bó bá sì jẹ́ dandan kó tún un kọ, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé pé òun ti sọ àkọtọ́ rẹ̀ di ti òde òní. Ohun tí kò dára ni kó ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kó sì tún rántí kọ ọdún àtẹ̀jáde tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé ojú ìwé 20 nínú àtẹ̀jáde kan lè má jẹ́ ojú ìwé 20 nínú òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọdún ló ń tú àṣírí àwọn tó ń tọ́ka sí ìwé tí wọn kò ṣí rí. Ẹ wo ìwé tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ lórí ìtàn àwọn Yorùbá. Ní ọdún 1897 ló parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó gbà á láti tẹ̀ ẹ́ ní ìlú òyìnbó. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílẹ̀, tí ìwé náà fi jáde ní ọdún 1921. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ “(Johnson, 1897)”, olùkọ́ tó mọ ìtàn ìwé yìí yóò fura lójú ẹsẹ̀ pé ṣe ló rí orúkọ náà nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, tó sì gbé e bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn bá Johnson pàdé nínú ìwé Lágbájá. Ohun tó yẹ ni kó sọ bẹ́ẹ̀: “(Johnson, 1921, gẹ́gẹ́ bí Lágbájá, 2004, o.i. 12, ṣe tọ́ka sí i)”. Ìwé Lágbájá tó kà gan-an ni yóò sì wọ inú Ìwé Ìtọ́kasí lẹ́yìn. Kíká ìwé Johnson fúnra rẹ̀ ló dára jù, nítorí pé Lágbájá lè ti ṣì í kọ.

Ti ohùn ẹnu tún le ju èyí lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé gbogbo Yorùbá ló ni òwe, gbogbo Yorùbá ló ni Ifá, nítorí náà kò sí ẹni tí òun máa dárúkọ. Apá kan ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́. Òwe tí ènìyàn kàn fi dá ọ̀rọ̀ lárà nínú iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ìtọ́ka. “Yorùbá bọ̀, wọ́n ní” ti tó. (Àwọn àgbà ti mọ ìwà yìí tipẹ́. “Tótó ṣe bí òwe” tí ọmọdé máa ń sọ bó bá pa òwe níwájú àgbà jẹ́ ọ̀nà láti bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó ni òwe.) Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òwe náà gan-an ni iṣẹ́ náà dá lé lórí, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì kó wọn láti inú ìwé akójọ òwe kan, ẹni tó kó wọn jọ gbọ́dọ̀ gba ìyìn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifá. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Èjì Ogbè ni odù àkọ́kọ́. Èyí kò nílò ìtọ́ka. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ifá gẹ́gẹ́ bí Wándé Abímbọ́lá ṣe tò ó nínú Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jẹ́ èrè ọ̀pọ̀ ọdún tó lò lọ́dọ̀ àwọn babaláwo. Nínú iṣẹ́, a ó kọ “(Abímbọ́lá, 1968)” pẹ̀lú ojú ìwé; ní ìparí, a ó kọ: Abímbọ́lá, W. (1968). Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, Apá Kìn-ín-ní. Glasgow: Collins. Orúkọ ìwé náà ni a ó fi lẹ́tà dídàgẹ̀rẹ̀ kọ.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ bá oníjàálá tàbí babaláwo fúnra rẹ̀, ẹni náà ni ìwé rẹ̀. Kí ó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, ìlú tí wọ́n ti pàdé àti ọjọ́ tí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Kó sì béèrè bóyá bàbá náà fẹ́ kí wọ́n dárúkọ òun. Bí kò bá fẹ́, a ó kọ “babaláwo kan” pẹ̀lú ìlú àti ọjọ́. Níbí ni ìlànà ti yàtọ̀. Ìlànà MLA ń fẹ́ kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọ inú Ìwé Ìtọ́kasí, ṣùgbọ́n APA ní kí a dárúkọ rẹ̀ nínú iṣẹ́ nìkan, kó má wọ inú àkójọ tó wà lẹ́yìn, nítorí pé ẹni tó ń kàwé kò lè rí ọ̀rọ̀ náà kà níbòmíràn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè èyí tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń lò, kó má sì da méjèèjì pọ̀.

Àwọn kan ń gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ bíi Turnitin pé bí iye tó gbé jáde bá ti kéré, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọ̀rọ̀ tó bára mu ni ẹ̀rọ yẹn ń kà. Ó lè kun àyọlò tí a tọ́ka sí dáadáa ní àwọ̀, ó sì lè fo èyí tí a túmọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì dá. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí iṣẹ́ àṣekágbá àtijọ́ tó wà lórí pẹpẹ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́, tí wọn kò gbé sórí ẹ̀rọ rí. Olùkọ́ tó bojú tó iṣẹ́ náà nígbà náà lè rí i, àgàgà bí àṣìṣe tó wà nínú ti àtijọ́ bá tún fara hàn nínú tuntun.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjàǹbá yìí kì í ti inú ìwà ọ̀daràn wá, inú ìwé àkọsílẹ̀ tó dàrú ló ti ń wá. Akẹ́kọ̀ọ́ da gbólóhùn kan kọ ní oṣù kìn-ín-ní láì fi àmì àyọlò sí i. Nígbà tó di oṣù kẹta, ó rò pé òun lòun sọ ọ́. Nítorí náà, kí a kọ orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ìwé sí òkè gbogbo àkọsílẹ̀ kí a tó kọ ohunkóhun, kí a sì lo bírò àwọ̀ mìíràn fún ọ̀rọ̀ tí a dà kọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìfisílẹ̀, kí a fi ìka tọ gbogbo orúkọ tó wà nínú iṣẹ́ náà, kí a rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú Ìwé Ìtọ́kasí, àti pé kò sí èyí tó wà níbẹ̀ tí kò sí nínú iṣẹ́, yàtọ̀ sí àwọn tí ìlànà bá yọ sílẹ̀. Gbólóhùn tí a kò bá rántí ibi tó ti wá mọ́, tí a wá a tì, kí a pa á rẹ́.