Àlàfo Agbára Tààrà àti Aláìtààrà Nínú Sẹmikọ́ńdọ́tọ̀

Àlàfo agbára ni ìwọ̀n agbára tí ẹlẹ́kitírọ́nì gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó lè kúrò ní ìpele tí àwọn átọ́ọ̀mù ti dè é mọ́lẹ̀, kí ó bọ́ sí ìpele òkè níbi tí ó ti lè máa rìn káàkiri. Oríṣi àlàfo méjì ló wà nínú sẹmikọ́ńdọ́tọ̀, ìyẹn àwọn ohun bíi sílíkọ́nì tí iná mànàmáná ń gba inú wọn kọjá ní ìwọ̀nba: àlàfo tààrà àti àlàfo aláìtààrà. Níbi tí àlàfo bá ti jẹ́ tààrà, ẹlẹ́kitírọ́nì tó já wálẹ̀ lè sọ agbára rẹ̀ di ìmọ́lẹ̀ kíákíá. Níbi tí ó bá ti jẹ́ aláìtààrà, ooru ni èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà máa ń dà. Ìdí nìyí tí sílíkọ́nì, tí a fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kò fi wúlò fún ṣíṣe dáyóòdì oníìmọ́lẹ̀.

Ibi tí ìyàtọ̀ náà ti wá

Tí iná bá ń wọ inú dáyóòdì, ẹlẹ́kitírọ́nì máa ń kún ìpele òkè, àwọn ààyè òfìfo tí a ń pè ní ihò á sì wà ní ìpele ìsàlẹ̀. Ẹlẹ́kitírọ́nì tó bá já sínú ihò yóò jọ̀wọ́ agbára tó tó àlàfo náà. Kí agbára yìí tó lè jáde bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ kan, ìṣirò méjì ló gbọ́dọ̀ dọ́gba: ti agbára àti ti ipá ìrìn. Ẹlẹ́kitírọ́nì ní ipá ìrìn tirẹ̀, nítorí pé bí ìgbì ló ṣe ń rìn láàárín àwọn átọ́ọ̀mù tó tò létòlétò nínú kírísítà. Ipá yìí kò lè ṣàdédé pòórá. Ohun tó bá kúrò lára ẹlẹ́kitírọ́nì gbọ́dọ̀ bọ́ sára nǹkan mìíràn.

Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ lè gbé agbára náà, àmọ́ ipá ìrìn tí ó lè gbé kéré jọjọ. Nínú gálíọ́ọ̀mù àsẹ́náìdì, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.42 eV, ibi tó rẹlẹ̀ jù ní ìpele òkè àti ibi tó ga jù ní ìpele ìsàlẹ̀ ní ipá ìrìn kan náà. Ìyẹn ni àlàfo tààrà: ẹlẹ́kitírọ́nì já, ìmọ́lẹ̀ jáde, kò sí ìyókù kankan láti wá ibi fi sí.

Ti sílíkọ́nì yàtọ̀. Àlàfo rẹ̀ jẹ́ 1.12 eV, ṣùgbọ́n ipá ìrìn àwọn ẹlẹ́kitírọ́nì tó kóra jọ sí ìsàlẹ̀ ìpele òkè jìnnà gan-an sí ti àwọn ihò tó ń dúró dè wọ́n. Tí a bá ṣírò rẹ̀, ìyàtọ̀ náà tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700 ipá ìrìn tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 1.12 eV ní. Ó dà bí ẹni tó dúró lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ jọ̀wọ́ owó sọ́wọ́ ẹnì kan nísàlẹ̀: tí onítọ̀hún bá wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, owó á bọ́ sí i lọ́wọ́, tó bá jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan mìíràn ní láti ti owó náà. Nínú kírísítà, ìgbọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù fúnra wọn, tí a ń pè ní fónọ́nì, ló ń ṣe ìtì náà. Agbára fónọ́nì kéré, bí 0.058 eV nínú sílíkọ́nì, àmọ́ ipá ìrìn rẹ̀ pọ̀ tó láti dí ìyàtọ̀ náà. Ẹlẹ́kitírọ́nì, ihò, ìmọ́lẹ̀ àti fónọ́nì gbọ́dọ̀ wá pàdé lẹ́ẹ̀kan náà, irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n.

Eré ìje láàárín ìmọ́lẹ̀ àti ooru

Pé ìpàdé náà ṣọ̀wọ́n kì bá tí jẹ́ ìṣòro, ká ní ẹlẹ́kitírọ́nì lè dúró títí láé. Àmọ́ àbùkù wà nínú gbogbo kírísítà: átọ́ọ̀mù àjèjì, ààyè tí átọ́ọ̀mù ti sọnù. Àbùkù máa ń gba ẹlẹ́kitírọ́nì mú, á sì sọ agbára rẹ̀ di ooru. Èyí tó bá yá jù láàárín ọ̀nà méjèèjì ló ń borí. Bí τr bá jẹ́ àkókò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà, tí τnr sì jẹ́ àkókò tí ooru ń gbà, ìdá tó ń di ìmọ́lẹ̀ ni:

η = τnr / (τr + τnr)

Ẹ jẹ́ ká mú sílíkọ́nì tí a fi ihò 10¹⁷ sínú sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta kan rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń gba nǹkan bí 2,000 máíkírósẹ́kọ́ńdì níbẹ̀. Tí àbùkù bá ń gba 10, ìdá tó di ìmọ́lẹ̀ kò ju 0.5 nínú 100 lọ. Nínú gálíọ́ọ̀mù àsẹ́náìdì tó ní iye ihò kan náà, ìmọ́lẹ̀ ń gba nǹkan bí 0.02 máíkírósẹ́kọ́ńdì. Ká tilẹ̀ ní àbùkù ibẹ̀ yá ju ti sílíkọ́nì lọ ní ìlọ́po 100, tó jẹ́ 0.1, ìmọ́lẹ̀ á ṣì gba ìdá 83 nínú 100.

Kírísítà tó ń yí padà láti tààrà sí aláìtààrà

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù ni àdàlù gálíọ́ọ̀mù, àsẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Òun ni Nick Holonyak lò ní 1962, ní iléeṣẹ́ General Electric ní Syracuse, láti ṣe lésà àti dáyóòdì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa tí ojú lè rí. Ìmọ́lẹ̀ gálíọ́ọ̀mù àsẹ́náìdì nìkan kò ṣeé fojú rí. Bí a bá ṣe ń fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rọ́pò àsẹ́níìkì ni àlàfo ń fẹ̀ sí i, tí ìmọ́lẹ̀ sì ń bọ̀ wá sí pupa.

Àmọ́ àfonífojì méjì ló wà ní ìpele òkè kírísítà yìí. Ọ̀kan wà lọ́gangan àwọn ihò, èkejì sì wà lápá ẹ̀gbẹ́. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ti ń pọ̀ sí i, ti ọ̀gangan ń yára gòkè, ti ẹ̀gbẹ́ sì ń rọra gòkè. Nígbà tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá tó ìdá 45 nínú 100, ti ẹ̀gbẹ́ á di èyí tó rẹlẹ̀ jù. Àwọn ẹlẹ́kitírọ́nì á ṣàn lọ síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì já wálẹ̀ gan-an. Nítorí náà ni àwọn tó ń fi àdàlù yìí ṣe dáyóòdì pupa fi máa ń dúró ní ìdá 40.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń rí àwọ̀ ewé láti inú gálíọ́ọ̀mù fọ́sífáìdì, tó jẹ́ aláìtààrà pátápátá. A máa ń fi náítírójìn díẹ̀ rọ́pò fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Náítírójìn máa ń há ẹlẹ́kitírọ́nì mọ́ ààyè kékeré kan. Òfin kúáńtọ́ọ̀mù sì ni pé ohun tí ààyè rẹ̀ bá há, ipá ìrìn rẹ̀ á tàn kálẹ̀. Apá kan nínú ipá tó tàn kálẹ̀ náà bá ti àwọn ihò mu, ìmọ́lẹ̀ á sì lè jáde láìwá fónọ́nì. Ó ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ di ẹgbẹ́ àlàfo tààrà.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀

Àwọn onímọ̀ máa ń wọn bí ohun náà ṣe ń mu ìmọ́lẹ̀ tí agbára rẹ̀ ju àlàfo lọ díẹ̀. Tí àlàfo bá jẹ́ tààrà, ìwọ̀n mímu náà tí a sọ di onílọ́po ara rẹ̀ máa ń fa ìlà gbọọrọ bí agbára ìmọ́lẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Tí ó bá jẹ́ aláìtààrà, gbòǹgbò onílọ́po-méjì ìwọ̀n náà ló ń fa ìlà gbọọrọ. Nítorí pé ohun aláìtààrà kì í mu ìmọ́lẹ̀ tó ti tààrà, ìyàtọ̀ náà hàn nínú bí sẹ́ẹ̀lì oòrùn ṣe nípọn tó pẹ̀lú: ti sílíkọ́nì sábà máa ń nípọn ju 100 máíkírómítà lọ, nígbà tí máíkírómítà díẹ̀ ti tó gálíọ́ọ̀mù àsẹ́náìdì.

Ohun tí a ti gbìyànjú lára sílíkọ́nì

Tí kírísítà bá mọ́ gaara, ooru á pẹ́ kó tó borí. Ọ̀nà yìí ni Martin Green àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà fi mú kí dáyóòdì sílíkọ́nì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdá 1 nínú 100 ní 2001. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ṣì ń falẹ̀, kò sì lè tàn kó sì kú ní ìyára tí ìfiránṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fẹ́. Ní 2020, àwọn onímọ̀ ní Eindhoven tún ètò átọ́ọ̀mù sílíkọ́nì àti jámáníọ́ọ̀mù tò sí onígun mẹ́fà dípò ètò rẹ̀ tí a mọ̀. Níbi tí jámáníọ́ọ̀mù bá ti pọ̀ tó, àlàfo rẹ̀ di tààrà, ìmọ́lẹ̀ tó lágbára sì jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ irú tí ojú kò lè rí.