Èlé, Ọ̀wọ́n Ọjà àti Ọdún 1995

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, "lé" tó wà nínú "mọ́kànlélógún" náà ló wà nínú "èlé". Òǹkà wa fẹ́ràn lé àti dín. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé: báńkì fún mi ní 15 lórí ọgọ́rùn-ún, ọjà fi 10 gbówó lórí, ó ku 5. Àmọ́ àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, n kò ní di gbogbo ẹ̀bi ru èdè.

Irving Fisher, tó ń kọ́ni ní Yale, ló ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké ní 1896. Ó wo gbèsè ìjọba Íńdíà tí wọ́n ń tà ní Lọ́ńdọ̀n. Wọ́n ń san èlé apá kan ní rúpì, ìyẹn owó fàdákà, wọ́n sì ń san ti apá kejì ní wúrà. Bí iye fàdákà bá ń já wálẹ̀, kì í ṣe owó tí èèyàn yáni nìkan ló ń dín kù. Èlé orí rẹ̀ pàápàá, owó tó ti dín kù yẹn ni wọ́n máa fi san án. Nítorí náà, ìsọdipúpọ̀ ló so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìròpọ̀:

```
(1 + i) = (1 + r)(1 + π)
```

i ni èlé tí báńkì kọ sílẹ̀, π ni ọ̀wọ́n ọjà, r ni èrè gidi. Ẹni tó bá ń wá r yóò pín, kò ní yọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Nàìjíríà ní 1995, nígbà tí ọ̀wọ́n ọjà jẹ́ nǹkan bí 72.8 lórí ọgọ́rùn-ún. Ká ní ẹnì kan fi ₦10,000 pamọ́ fún ọdún kan, èlé 15. Ká tún ní kóńgò gààrí kan jẹ́ ₦100 lọ́jọ́ tó fi í pamọ́: owó rẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún kóńgò. Nígbà tí ọdún pé, ó gba ₦11,500, ṣùgbọ́n kóńgò kan ti di ₦172.80. Ẹ pín in, ẹ ó rí kóńgò 66 ààbọ̀. Ó pàdánù 33 ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá yọ 72.8 kúrò nínú 15 yóò ní ó pàdánù 57.8, àṣìṣe kóńgò mẹ́rìnlélógún nìyẹn!

Bí ọ̀wọ́n ọjà bá dé 200, ìyọkúrò yóò sọ pé ó pàdánù 185 nínú ọgọ́rùn-ún tó ní. Ta ló lè pàdánù ju gbogbo ohun tó ní lọ, nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dàrú. Ní ti 15 àti 10 tí mo fi bẹ̀rẹ̀, 4.5 ni èsì gidi dípò 5. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí àṣà náà fi pẹ́.

Ohun kan ṣì kù o. 72.8 yẹn jẹ́ ti gbogbo ọdún ní ìpíndọ́gba, a fi wé ti ọdún tó ṣáájú. Ẹni tó fi owó pamọ́ láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá gbọ́dọ̀ wá iye ọjà lọ́jọ́ tó fi í sílẹ̀ àti lọ́jọ́ tó gbà á, kó fi èyí pín.