Ìwé ẹ̀rí ikú: kí ló dé tí báǹkì, iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì àti ọ́fíìsì ilẹ̀ ò fi ní dá yín lóhùn bí kò bá sí lọ́wọ́ yín?

Bí àgbàlagbà bá kú ní Ilé-Ifẹ̀, gbogbo àdúgbò ló máa ń mọ̀. Wọ́n á lẹ pósítà mọ́ ògiri láti Láàgẹrẹ dé Mayfair, wọ́n á kéde rẹ̀ lórí rédíò, ẹbí á dá aṣọ. Síbẹ̀, bí ọmọ olóògbé bá wọ báǹkì lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n á ní kó lọ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá. Inú á bí i: "Ṣé ẹ ò rí pósítà níta ni?" Òṣìṣẹ́ báǹkì lè ti rí i o, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé òun náà jẹ ìrẹsì níbi ìsìnkú ọ̀hún. Àmọ́ pósítà ò ní òǹtẹ̀, kò ní nọ́ńbà, ẹnikẹ́ni tó bá lówó ló lè tẹ̀ ẹ́. Ohun tí báǹkì ń wá ni ìwé tí ìjọba fi sọ pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ báyìí ti kú, ó sì kú lọ́jọ́ báyìí. Orúkọ àti ọjọ́. Ibi méjì yìí ni ọ̀pọ̀ wàhálà tó ń bá àwọn ẹbí ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú èyí tó ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú: ìwé wo gan-an là ń sọ? Tí aláìsàn bá kú sí ọsibítù, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ á kọ ìwé kan tó sọ ohun tó pa á. Ìwé dókítà nìyẹn. Ó wúlò gan-an, àmọ́ òun kọ́ lòpin ọ̀rọ̀. Ìwé dókítà yìí lẹ máa mú lọ sọ́dọ̀ rẹ́jísítírà Àjọ Ètò Ìkànìyàn, àwọn tí òfin orílẹ̀-èdè tó jáde lọ́dún 1992 gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú lé lọ́wọ́. Wọ́n á kọ orúkọ olóògbé sínú ìwé ńlá wọn, wọ́n á wá fún yín ní sátífíkéètì. Èyí ni ọ̀pọ̀ báǹkì àti ilé-ẹjọ́ ń béèrè tí wọ́n bá ní ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú wá.

Ìdàrúdàpọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹbí rárá. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fún Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní iṣẹ́ yìí, ìwé òfin kan náà tún ka ìforúkọsílẹ̀ ikú mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí ẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣì ń fúnni ní ìwé tiwọn. Ẹ lè gba ìyẹn tán, kẹ́ ẹ débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, kí wọ́n ní ti Àjọ Ètò Ìkànìyàn làwọn fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ báǹkì yín kẹ́ ẹ tó náwó ọkọ̀. Rẹ́jísítírà Àjọ náà sábà máa ń ní ọ́fíìsì nínú sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, èyí ló ń mú kí èèyàn rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tó bá jẹ́ pé ilé ni èèyàn kú sí ńkọ́? Èyí pọ̀ láàárín wa, pàápàá jù lọ àwọn Mùsùlùmí tó ń sin òkú lọ́jọ́ tó kú gan-an. Kò sí dókítà, kò sí mọ́ṣúárì, kò sí ìwé kankan. Ẹ ṣì lè rí ìwé gbà, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa kó ẹ̀rí jọ. Ẹnì kan nínú ẹbí tó mọ̀ nípa ikú náà á lọ búra nílé-ẹjọ́, ìyẹn ẹ̀fídéfíìtì, á sọ orúkọ olóògbé, ọjọ́ tó kú àti ibi tó kú sí. Ẹ tún gba lẹ́tà lọ́wọ́ lémọ́ọ̀mù tàbí pásítọ̀ tó sin ín, tàbí lọ́wọ́ olórí àdúgbò. Ẹ má ṣe jẹ́ kó pẹ́. Lémọ́ọ̀mù náà lè kó lọ sílùú mìíràn, ẹni tó bá sì ń búra lẹ́yìn ọdún mẹ́fà kì í rántí ọjọ́ mọ́, á máa ní "ó kù díẹ̀ ká ṣe Iléyá."

Èyí tó le jù ni ti ẹni tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé dé ọsibítù. Dókítà lè jẹ́rìí pé ó ti kú, àmọ́ kò lè sọ ohun tó pa ẹni tí kò tọ́jú rí. Tí ikú náà bá jẹ́ òjijì tàbí tó bá mú ìfura dání, ọ̀rọ̀ lè di ti ọlọ́pàá, wọ́n sì lè ní kí wọ́n yẹ òkú wò. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í fẹ́ gbọ́ ìyẹn sétí, ó sì yé ni. Àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé tí olóògbé bá ní inṣọ́ránsì, ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó pa á gan-an ni iléeṣẹ́ náà máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ìyá oníṣòwò kan ní Mayfair ṣe àpẹẹrẹ, ká rí bí ọ̀rọ̀ orúkọ ṣe ń rí. Ìyá náà ní owó ní báǹkì, orúkọ tó sì wà níbẹ̀ ni Fọláṣadé Adébáyọ̀. Ó ti ra ilẹ̀ kí ó tó lọ ilé ọkọ, Fọláṣadé Ògúnlékè ló wà nínú ìwé ilẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Rúùtù ni wọ́n ń pè é. Lóru ọjọ́ tí àìsàn dé, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló gbé e lọ sí ọsibítù, nígbà tí wọ́n sì béèrè orúkọ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Màmá Rúùtù Adébáyọ̀." Ìyá náà kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà wo káàdì, ó kọ Rúùtù. Rẹ́jísítírà wo ìwé dókítà, ó kọ Rúùtù. Báǹkì wò ó, wọ́n ní àwọn ò ní Rúùtù kankan níbí.

Wọn kì í ṣe ìkà. Lójú báǹkì, Fọláṣadé ṣì wà láàyè, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Rúùtù ló kú. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹni tó mọ ìyá náà dáadáa búra pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n so káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ àti ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n sì mú un padà lọ bá rẹ́jísítírà. Ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ láti dènà rẹ̀: bí ẹ bá ń gba káàdì ọsibítù fún òbí yín, orúkọ tó wà ní báǹkì ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tẹ́ ẹ fi ń kí i. Ẹ sì ka sátífíkéètì kí rẹ́jísítírà tó fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹ wo orúkọ lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì, ẹ wo ọjọ́ náà. Tí ìyá bá kú ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ 30, tí wọ́n gbé e dé mọ́ṣúárì ní aago méjì òru, ọjọ́ 30 ni ọjọ́ ikú, bí ìwé mọ́ṣúárì tilẹ̀ sọ ohun mìíràn.

Nígbà tí orúkọ bá ti bára mu, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé owó ti dé nìyẹn. Rárá o. Ìwé ẹ̀rí ikú kò sọ ẹni tó ni owó, ó kàn sọ pé ẹni tó ni ín ti kú ni. Bí báǹkì bá ti gbọ́, wọ́n á ti àkáǹtì náà pa kí ẹnikẹ́ni má gba nǹkan kan jáde níbẹ̀. Kódà ẹni tí olóògbé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní báǹkì gẹ́gẹ́ bí ìbátan tó sún mọ́ ọn jù kò tìtorí ẹ̀ di ẹni tó ni owó náà. Ẹni tí wọ́n máa ké sí ni. Ẹni tí báǹkì máa sanwó fún ni ẹni tó mú àṣẹ wá láti Ilé-Ẹjọ́ Gíga. Tí olóògbé kò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹbí á lọ sí ẹ̀ka próbéètì láti gba ìwé àṣẹ láti bójú tó dúkìá rẹ̀, èyí tí àwọn tí ilé-ẹjọ́ ń kọ orúkọ wọn sí i kì í ju èèyàn 4 lọ. Ibí yìí ni òbìrípo kan wà: ilé-ẹjọ́ á ní kẹ́ ẹ lọ mọ iye tó wà ní báǹkì, báǹkì á ní àwọn ò lè sọ iye owó oníbàárà fún ẹlòmíràn. Ìwé ẹ̀rí ikú ló ń já òbìrípo yẹn. Ẹ fi òun àti fọ́ọ̀mù ilé-ẹjọ́ hàn wọ́n, wọ́n á kọ iye náà sínú fọ́ọ̀mù, ẹ ó dá a padà. Lẹ́yìn náà ni oníduùró, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn kí ẹni tó bá ní ẹjọ́ lè yọjú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń sáré fi káàdì olóògbé gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ kí báǹkì tó mọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ọjọ́ ikú wà lórí sátífíkéètì, ọjọ́ tí wọ́n gbowó wà nínú àkọsílẹ̀ báǹkì. Tí àwọn ọmọ ìyàwó kejì bá gbé ìwé méjèèjì síra, wọn ò nílò babaláwo láti mọ ẹni tó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí ló ká iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì lára jù. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá inṣọ́ránsì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó kú, tàbí owó tó yẹ kó san ti dá dúró. Wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó pa á, nítorí pé àwọn ikú kan wà tí àdéhùn yọ sílẹ̀. Èyí kan àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú: òfin pẹ́ńṣàn ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra inṣọ́ránsì ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó kéré tán ìlọ́po 3 owó tó ń gbà lọ́dún kan. Ọ̀pọ̀ opó ni kò mọ̀ pé owó yìí wà yàtọ̀ sí pẹ́ńṣàn. Ẹ béèrè níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó sọnù ńkọ́, tí kò sí òkú? Òfin ẹ̀rí ọdún 2011 sọ pé tí àwọn tó yẹ kó gbúròó ẹnì kan kò bá gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, ilé-ẹjọ́ lè kà á sí òkú. Ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ lẹ máa wá lò níbi tí ìwé dókítà ì bá wà.

Ó ku ilẹ̀. Tí wọ́n bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ alààyè, ẹni tó tà á ló ń buwọ́ lùwé. Òkú kò lè buwọ́ lùwé, ìdí nìyí tí ọ́fíìsì ilẹ̀ fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ papọ̀, kí wọ́n tó yí orúkọ padà. Ti ìyá wa ní Mayfair, àwọn tí ilé-ẹjọ́ yàn ló máa buwọ́ lu ìwé tó gbé ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ, ìbúra tó so Ògúnlékè mọ́ Adébáyọ̀ á sì wà nínú fáìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á dá wọn padà. Ṣùgbọ́n sátífíkéètì yẹn tún ń dáàbò bo ilẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ká ní ẹnì kan yọjú lẹ́yìn ọdún méjì pẹ̀lú rìsíìtì, tó ní ìyá náà ta ilẹ̀ fún òun ní oṣù karùn-ún, ó sì buwọ́ lù ú níṣojú òun. Tó bá jẹ́ pé oṣù kẹta ọdún yẹn ni ọjọ́ ikú tó wà nínú ìwé ńlá rẹ́jísítírà, ẹjọ́ ọ̀hún ò ní pẹ́. Tí ẹbí ò bá forúkọ ikú náà sílẹ̀ rárá, ẹnu nìkan ni wọ́n máa fi bá ẹni tó ní rìsíìtì lọ́wọ́ jà. Nítorí náà, ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan tí gbogbo ẹbí fọkàn tán, kẹ́ ẹ sì ṣe ẹ̀dà tí ilé-ẹjọ́ lu òǹtẹ̀ fún, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ.