Ìlà Mẹ́ta ní Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́: Ìtàn Àwọ̀ àti Ìrísí Ìlà Lórí Máàpù Ẹ̀ka-Èdè

Ní ọdún 1892, August Bielenstein, tó ń ṣèwádìí èdè Látífíà, sọ ìlà tó ń fi ibi tí ìlò kan parí sí hàn lórí máàpù ní áísóglọ́ọ̀sì. Tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá ti ju ẹyọ kan lọ, kí ni òǹkàwé yóò fi dá wọn mọ̀? Nígbà tó jẹ́ pé yíǹkì dúdú nìkan ló wà, ìrísí ìlà ló ń ṣe iṣẹ́ náà: ọ̀kan gùn lọ láìdá, ọ̀kan já ní abala-abala, ọ̀kan jẹ́ kìkì tóótó. Kọ̀ǹpútà mú àwọ̀ rọrùn, ọ̀pọ̀ wa sì gbàgbé ìrísí.

Jacques Bertin, ará Faransé, ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1967. Ó ya irú àwọ̀ (pupa, àwọ̀ ewé) sọ́tọ̀ kúrò lára bí ó ṣe ṣú tàbí mọ́lẹ̀ tó. Fọ́tókọ́pì dúdú àti funfun kì í mú irú àwọ̀ dání. Ìṣú àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kù.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ya máàpù Tówè, Pọ́bẹ̀ àti Ṣakẹ́tẹ́. Ó fi pupa fa ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889. Ó fi àwọ̀ ewé fa ìlà tó pín Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó, ó sì fi búlúù fa ìlà tó pín Yorùbá àti Gùn. Ìṣirò tí a fi ń sọ àwọ̀ di eérú nìyí. Òdo ni dúdú, 255 ni funfun:

```
Y = 0.299R + 0.587G + 0.114B
```

Pupa rẹ̀ (200, 0, 0) di 59.8, àwọ̀ ewé rẹ̀ (0, 102, 0) di 59.9. Eérú kan náà ni wọ́n. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé náà lè ṣì wọ́n mú. Àṣìṣe yìí kò kéré: òǹkàwé lè gbà pé ààlà àwọn amúnisìn ló pín ẹ̀ka-èdè wa, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń sọ lápá méjèèjì.

Ní ọdún 2002, Masataka Okabe àti Kei Ito ní Japáànù gbé àkójọ àwọ̀ kan jáde tí irú ojú bẹ́ẹ̀ lè yà sọ́tọ̀. Búlúù wọn (0, 114, 178) di nǹkan bí 87. Àwọ̀ ọsàn wọn (230, 159, 0) di nǹkan bí 162. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere, ṣùgbọ́n tí ìlà bá tín-ín-rín, àwọ̀ ọsàn a máa pòórá lórí bébà funfun.

Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ́kọ́ yan ìrísí: abala àti tóótó ní ìtẹ̀léra fún ààlà ìjọba, ìlà àìdá fún Ọ̀họ̀rí àti Ànàgó, tóótó fún Gùn. Lẹ́yìn náà ni kó kùn wọ́n, kó sì kọ orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí a bá fún máàpù kéré jù, tóótó a máa lẹ̀ pọ̀ di ìlà àìdá. Kó tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí yóò fi jáde, kó ṣe fọ́tókọ́pì rẹ̀, kó tún ṣe fọ́tókọ́pì ti fọ́tókọ́pì náà. Bí ẹni tí kò rí ti àkọ́kọ́ bá lè tọ́ka sí ààlà ìjọba láìṣì í, máàpù náà ti ṣetán.