Ìwọ̀n Jíjìnnà àti Iye Ìlò: Ìtàn Àtúnṣe Àkọtọ́ nínú Àpótí Ìwádìí àti Ọ̀ràn Orúkọ Gamkalley

Ìfáàrà

Ní etí odò Ọya, ní ìlú Niamey, àdúgbò kan wà tí à ń pè ní Gamkalley. Àwọn mìíràn a máa kọ ọ́ ní Gamkallé, ní ìlànà àkọtọ́ Faransé. Kò sí èyí tí ó jẹ́ àṣìkọ nínú méjèèjì. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí àpótí ìwádìí orí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe dé ibi tí ó ti lè sọ ọ̀kan nínú wọn di àṣìkọ, láìsí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà.

Láti orí lẹ́tà dé orí iye

Ní 1964, Frederick Damerau ti ilé-iṣẹ́ IBM fi hàn pé ohun tí ó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àṣìkọ tí ó yẹ̀ wò ni ó jẹ́ àṣìṣe ẹyọ kan: lẹ́tà kan sọnù, tàbí ọ̀kan wọlé láìyẹ, tàbí ọ̀kan gba ipò òmíràn, tàbí méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn pààrọ̀ àyè. Ní 1965, Vladimir Levenshtein ní Rọ́ṣíà, ẹni tí ó ń ronú lórí àmì tí ó ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà ìfiránṣẹ́, fún wa ní òṣùwọ̀n: iye ìgbésẹ̀ tí ó kéré jù lọ tí a fi lè sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn, bí a bá ń yọ lẹ́tà, tí a ń fi kún un, tàbí tí a ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Èyí ni a ó máa pè ní ìwọ̀n jíjìnnà.

Ìwọ̀n jíjìnnà lè sọ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ara wọn. Kò lè sọ èyí tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn. Ìwé atúmọ̀ èdè kò sì ran àpótí ìwádìí lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí orúkọ ènìyàn àti ti ìlú ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ń wá. Ní 2004, Silviu Cucerzan àti Eric Brill ti ilé-iṣẹ́ Microsoft yíjú sí àkójọ ìbéèrè tí àwọn aṣèwádìí fúnra wọn ti tẹ̀. Nínú àkójọ náà, `albert einstein` farahàn ní ìgbà 4834, `albert einstien` ní 525, `albert einstine` ní 149. Bí àkọtọ́ ṣe ń jìnnà sí èyí tí ó tọ̀nà ni iye rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, ẹ̀rọ lè gun òkè ní ìpele-ìpele, láti orí èyí tí ó ṣọ̀wọ́n dé orí èyí tí ó wọ́pọ̀. Láti ìgbà náà, iye ìlò ti gba ipò adájọ́.

Gamkalley lórí òṣùwọ̀n

Láti Gamkalley dé Gamkallé, ìgbésẹ̀ méjì ni: a yọ `y`, a fi `é` rọ́pò `e`. Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà àpẹẹrẹ lásán ṣe ìṣirò. Ká ní Gamkalley wà ní ìgbà 60 nínú àkójọ, tí Gamkallé wà ní ìgbà 900. Ká ní ẹ̀rọ gbà pé àṣìṣe ìgbésẹ̀ kan lè wáyé ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 10, ti ìgbésẹ̀ méjì ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 100. Ó fi iye ìlò ṣe ìlọ́po ìdá náà: 900 di 9. Bí ẹnì kan bá tẹ Gamkalley, 60 ju 9 lọ, orúkọ náà dúró.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìwádìí a máa yọ àmì orí lẹ́tà kúrò kí wọ́n tó ṣírò. Gamkallé di Gamkalle. Ìgbésẹ̀ kan péré ni ó kù. 900 di 90. 90 ju 60 lọ. Ẹni tí ó tẹ Gamkalley yóò rí i tí a fi orúkọ mìíràn rọ́pò tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú èdè tàbí nínú ìlò. Ìyọkúrò àmì kan tí a rò pé kò pa ẹnikẹ́ni lára ni ó yí ìdájọ́ padà. Bí ẹ̀rọ bá sì tún ka ìbéèrè tí ó ti pààrọ̀ mọ́ àkójọ, 900 yóò di 901, èkejì yóò sì máa dínkù sí i.

Àwa Yorùbá mọ bí àkọtọ́ ṣe ń yí padà. Ìlànà tí a fọwọ́ sí ní 1974 ni ó fi `ayé` rọ́pò `aiye`, lẹ́yìn àríyànjiyàn tí a lè kà lórí ìwé. Gbólóhùn kan kò sí níbi tí a ti lè ka ìdí tí Gamkalle fi borí.

Ìkádìí

Àmì kan wà tí a fi lè mọ irú àṣìṣe yìí: bí àwọn ènìyàn bá kọ àbá ẹ̀rọ, tí wọ́n sì tún tẹ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, àkọtọ́ tiwọn ni, kì í ṣe àṣìkọ. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ àwọn orúkọ bẹ́ẹ̀ sínú àtẹ ẹ̀dà, kí ìwádìí lórí ọ̀kan lè mú èsì méjèèjì wá, kí ẹ̀rọ má sì rọ́pò ohunkóhun. Iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni àtẹ yẹn, nítorí kò sí iye ìlò tí ó lè ya ẹ̀dà sọ́tọ̀ kúrò lára àṣìkọ.