Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Nínú Ímeèlì sí Ilẹ̀ Òkèèrè

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Òwe yìí ń ṣiṣẹ́ níbi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ bá ti jọ mọ ohun tí a kò sọ jáde. Nínú ìwé tí Edward Hall gbé jáde ní 1976, ó ní àwọn àwùjọ kan, bíi Jàpáánù, máa ń fi ọ̀pọ̀ ìtumọ̀ sílẹ̀ fún àyíká ọ̀rọ̀, nígbà tí àwọn mìíràn, bíi Jámánì, ń kó o sínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Ìpín yìí wúlò, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí a ó ti tún lẹ́tà wa ṣe. Ìwádìí tí Blum-Kulka, House àti Kasper kó jọ ní 1989 ló sún mọ́ ọn. Wọ́n pín ẹ̀bẹ̀ sí ìpele mẹ́ta: èyí tí a sọ tààrà, èyí tí a fi "ṣé ẹ lè" bẹ̀rẹ̀, àti àbọ̀ ọ̀rọ̀. Nínú èdè tí wọ́n fi wéra, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì ní Ajẹntínà ló sọ ọ́ tààrà jù. Jámánì, tí a máa ń rò pé ó le jù, wà láàárín. Blum-Kulka ti fi hàn ní 1987 pé, lójú àwọn tó ń sọ Hébérù àti Gẹ̀ẹ́sì, "ṣé ẹ lè" ló ní ọ̀wọ̀ jù, kì í ṣe àbọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń fi iṣẹ́ ìtumọ̀ dá ẹlòmíràn lágara. (Ímeèlì kọ́ ni wọ́n wò o.)

Ká sọ pé oníṣòwò òrí kan ní Ìbàdàn ń retí owó láti Jámánì. Ó kí wọn ní gbólóhùn mẹ́rin, ó wá parí rẹ̀ pé: "Báńkì wa ní àwọn kò tíì rí nǹkan." Lójú rẹ̀, ó ti béèrè owó. Lójú ẹni tó ka lẹ́tà náà, ìròyìn ni. Bí èsì bá dé tí wọ́n kí i padà dáadáa tí wọn kò sì mẹ́nu ba owó, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Kò ní láti le ohùn mọ́ wọn. Kó kí wọn lẹ́ẹ̀kan, kó sì gbé ẹ̀bẹ̀ wá sókè: "Ṣé ẹ lè san owó ínfọ́ìsì yìí kó tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta? Ọjọ́ náà la ó san owó ọkọ̀." Ìdí lè tẹ̀ lé e, ìkíni yòókù lè wà nísàlẹ̀.

Bó bá jẹ́ Jàpáánù ni oníṣòwò náà ń kọ̀wé sí, ìṣòro náà yí padà: òun ló kù tí yóò máa ka àbọ̀ ọ̀rọ̀. "A ó gbé e yẹ̀ wò" àti "ó ṣòro díẹ̀" sábà máa ń jẹ́ rárá. Kó má béèrè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kó béèrè apá wo nínú àdéhùn tó dábàá fún wọn ni wọ́n fẹ́ kí ó yí padà. Bí wọn kò bá dárúkọ apá kankan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọ̀ ọ́.